Èsì: Iṣẹ́ Túndé Kèlání, èwo ló kàn?

"Ẹ̀yin àgbà, Ayinlá nìkan ni mo tíì wò nínú fíìmù Túndé Kèlání. Èwo ni kí n wò tẹ̀lé e?"

Àbúrò, Ayinlá (2021) ni gbogbo wa l'Ábẹ́òkúta sáré lọ wò, torí ìlú wa ni wọ́n ti yà á. Ṣùgbọ́n bí o bá fẹ́ mọ ibi tí ọwọ́ Kèlání dùn sí jù, Saworoidẹ (1999) ló kàn. Lápìtẹ́ gorí oyè ìlú Jogbo, ó sì kọ̀ láti ṣe orò tó yẹ kí ọba ṣe. Má gbójú kúrò lára adé, ìlù àti gbẹ́rẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, torí àwọn ló di ìtàn náà mú. Ẹni tó bá ń tẹ fóònù nígbà tí wọ́n ń ṣàlàyé wọn, ìparí rẹ̀ ò ní yé e.

Agogo Èèwọ̀ (2002) ni kí o wò tẹ̀lé e, má fi nǹkan kan sí àárín. Ibi tí ti àkọ́kọ́ parí sí ló ti bẹ̀rẹ̀. Bí o bá yí wọn po, wàá ti mọ ẹni tó kú kí o tó mọ ohun tó pa á.

Akínwùmí Ìṣọ̀lá ló kọ méjèèjì. Bí ọ̀rọ̀ ẹnu wọn bá wọ̀ ọ́ lára (tèmi ò kúrò lórí Ọ̀pálábá, Adébáyọ̀ Fálétí ló ṣe é), òǹkọ̀wé yẹn ni kí o máa tọ̀: Kòṣeégbé (1995), lẹ́yìn náà Ó Le Kú (1997), ti ìfẹ́ ọmọ yunifásítì.

Ti Olúwa Nilẹ̀ (1993) ló ṣáájú gbogbo wọn, àmọ́ jẹ́ kó gbẹ̀yìn. Apá mẹ́ta ni, ó sì ń rọra rìn.