Bí mo ṣe ń to fídíò ojú kọ̀ǹpútà àti ti ọwọ́ òṣìṣẹ́ pọ̀

"Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ ṣe fídíò tí àwọn òṣìṣẹ́ tuntun yóò fi kọ́ bí a ṣe ń gba ọjà wọlé. Mo ti gba ojú kọ̀ǹpútà sílẹ̀, mo sì ti fi fóònù ya àwọn tó ń tú páálí, ṣùgbọ́n nígbà tí mo so wọ́n pọ̀, gbogbo rẹ̀ dàrú. Báwo ni ẹ ṣe ń tò ó?"

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ilé ìtajà oògùn kan nítòsí ọjà Àtàkúnmọ̀sà ní Iléṣà ni mo ti ṣe irú rẹ̀. Kí ẹ tó gé ohunkóhun, ẹ jókòó ti ẹni tó mọ iṣẹ́ náà jù lọ́jọ́ tí ọjà bá dé, kí ẹ máa kọ ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ṣe àti ibi tí ojú rẹ̀ lọ sílẹ̀. Tiwa lọ báyìí: ó ka páálí mọ́ ìwé ọjà tí awakọ̀ mú wá, ó wo ọjọ́ tí oògùn yóò lo ìgbà tán, ó ṣí ojú ewé ọjà tuntun lórí kọ̀ǹpútà, ó fi sikáánà ka àmì ara páálí, ó tẹ iye rẹ̀, ó fi pamọ́, lẹ́yìn náà ni ó tò ó sórí pẹpẹ, èyí tí ọjọ́ rẹ̀ súnmọ́ jù níwájú. Nígbà tí ọ̀gá ilé ìtajà náà ń ka ìgbésẹ̀ fún mi láti orí, kò mẹ́nu kan wíwo ọjọ́ oògùn rárá, nítorí pé iṣẹ́ ti mọ́ ọn lára ju kí ó rántí pé òun ń ṣe é lọ.

Ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni kí ó ní fáìlì tirẹ̀, kí nọ́ńbà sì ṣáájú orúkọ rẹ̀. Ẹ fi àlàfo sáàárín àwọn nọ́ńbà náà, kí ìgbésẹ̀ tí ẹ bá gbàgbé lè rí àyè wọlé láìjẹ́ pé ẹ tún gbogbo orúkọ kọ:

```
010_ka_paali.mp4
020_wo_ojo.mp4
025_paali_to_faya.mp4
030_sikaana.mkv
```

OBS Studio ni mo fi ń gba ojú kọ̀ǹpútà. Irú fáìlì MKV ni mo máa ń yàn, nítorí pé bí iná bá lọ lójijì, ohun tí a ti gbà ṣáájú kò ní ṣòfò bí ó ṣe lè ṣòfò nínú MP4 lásán. Lẹ́yìn náà ni mo máa ń lọ sí File, kí n tẹ Remux Recordings láti sọ ọ́ di MP4.

Ibi ìsopọ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ fídíò ti ń dàrú. Ẹ jẹ́ kí fóònù àti OBS máa gbà lẹ́ẹ̀kan náà, kí máíkì kọ̀ǹpútà sì wà ní títàn, bí ẹ kò tilẹ̀ ní lo ohùn rẹ̀ níkẹyìn. Nígbà tí sikáánà bá ké "pí", ìró yẹn yóò wà nínú fáìlì méjèèjì, yóò sì yọ ṣóńṣó lójú ilà ohùn. Ẹ mú ṣóńṣó méjèèjì bára mu, kí ẹ sì gé láti ọwọ́ bọ́ sí ojú kọ̀ǹpútà lórí ìró náà. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò rí ọwọ́, yóò gbọ́ "pí", yóò sì rí i tí orúkọ oògùn yọ lójú ẹsẹ̀.

Bí ó bá bára mu ní ìbẹ̀rẹ̀, tí ó wá ń yà díẹ̀díẹ̀ títí ìró fi ń pẹ́ tàbí yá ju ọwọ́ lọ, fóònù ni ẹ kọ́kọ́ wò. Iye àwòrán tí fóònù ń yà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan kì í dúró lójú kan, pàápàá nínú yàrá ọjà tí kò mọ́lẹ̀ dáadáa, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tí a fi ń gé fídíò gbà pé ó dúró. Ẹ gbé fáìlì fóònù gba inú HandBrake, ètò kọ̀ǹpútà tó ń yí fídíò padà, kọjá, ẹ fi Framerate sí 30, kí ẹ sì yan Constant Framerate, kí ẹ tó gé e. Ó ń gba àkókò lórí kọ̀ǹpútà tí kò lágbára, ojú fídíò a sì dín díẹ̀, ṣùgbọ́n n kò mọ ọ̀nà tó rọrùn jù ú lọ.

Ìgbésẹ̀ tó yẹ kí ẹ dúró lé jù ni ti títẹ iye ọjà. Bí páálí kan bá ní páákì 10 nínú, tí kọ̀ǹpútà sì ń ka páákì, ẹni tuntun yóò tẹ 1, ìwé ọjà yóò sì fi páákì 9 dín. Ẹ kọ́kọ́ fi ọwọ́ tó ń ka páákì inú páálí hàn, kí ẹ tó lọ sójú kọ̀ǹpútà, kí ẹ wá mú àwòrán dúró nígbà tí 10 bá ti wọ àpótí rẹ̀ ṣùgbọ́n tí a kò tíì fi pamọ́. Bí ẹ bá gbà á ní 1920×1080, tí ẹ sì gbé e jáde ní 1280×720, ẹ lè sún un mọ́ ojú ní ìlọ́po kan ààbọ̀ láìjẹ́ pé lẹ́tà di bàìbàì. Ohùn àlàyé ni kí ẹ gbà kẹ́yìn, kí gbólóhùn sì ṣáájú ọwọ́ díẹ̀, nítorí pé ẹni tó bá ń gbọ́ àlàyé ohun tó ti kọjá yóò ti pàdánù èyí tó ń lọ lọ́wọ́.

Bí ó bá jẹ́ WhatsApp ni ẹ ó fi pín in, ẹ fi ránṣẹ́ bí ìwé, ìyẹn Document, kì í ṣe bí fídíò, nítorí pé bí ó bá lọ bí fídíò, WhatsApp yóò fún un pọ̀ débi tí ẹnikẹ́ni kò fi ní lè ka 10 yẹn mọ́.