Bí ìdájọ́ ẹ̀rọ kò ṣe ní máa yí lórí ìtumọ̀ kan náà

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́. A ń lo ẹ̀rọ òye àtọwọ́dá láti yẹ ìtumọ̀ ìlànà lílo oògùn wò, láti Gẹ̀ẹ́sì sí Yorùbá. Ìtumọ̀ kan náà ni mo fún un lẹ́ẹ̀mẹ́ta: ó gbà á lẹ́ẹ̀mejì, ó dá a padà lẹ́ẹ̀kan. Mo sì ti sọ `temperature` di 0. Báwo ni kí n ṣe kọ ìtọ́ni rẹ̀?

Ìdáhùn: Sísọ tí ẹ sọ `temperature` di 0 dára, àmọ́ kò tó. Ohun tí ó ń ṣe kò ju pé kí ẹ̀rọ náà máa mú ọ̀rọ̀ tí ìṣirò rẹ̀ ga jù lọ. Bí "gbà" bá fi púpọ̀ ju "dá padà" lọ, kò sí wàhálà. Ṣùgbọ́n bí àwọn méjèèjì bá fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, ìyàtọ̀ bíńtín nínú ìṣirò tó láti yí èsì padà, irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀ sì máa ń wáyé nítorí pé àwọn kọ̀ǹpútà tí ó gbé ẹ̀rọ náà ń da iṣẹ́ yín pọ̀ mọ́ ti ẹlòmíràn láti ṣe wọ́n lẹ́ẹ̀kan náà. Iṣẹ́ tí ìtọ́ni yín ní láti ṣe, nígbà náà, ni láti mú kí ọ̀nà àwọn méjèèjì jìn sí ara wọn.

Ká ní ohun tí ìlànà kan sọ ni pé kí aláìsàn lo kóró méjì, lẹ́ẹ̀mẹ́ta lóòjọ́, lẹ́yìn oúnjẹ, tí olùtumọ̀ sì kọ ọ́ báyìí: "Ẹ lo kóró méjì ní àárọ̀, ní ọ̀sán àti ní alẹ́, lẹ́yìn oúnjẹ." Bí ìtọ́ni yín bá kàn bèèrè pé "Ṣé ìtumọ̀ yìí dára, ṣé ó sì péye?", ìbéèrè méjì ni ẹ fi ìdáhùn kan ṣoṣo sí, "dára" kò sì ní òṣùwọ̀n. Lónìí ẹ̀rọ náà lè wo bí gbólóhùn náà ṣe já geere, kí ó gbà á. Lọ́la ó lè wá "ẹ̀ẹ̀mẹ́ta" títí, kí ó má rí i, kí ó sì dá a padà.

Ẹ pín in sí mẹ́ta: ṣé iye kóró bá ti ìlànà mu, ṣé iye ìgbà lóòjọ́ bá a mu, ṣé ọ̀rọ̀ oúnjẹ bá a mu. Ìkejì ṣì wà ní etí ààlà, nítorí náà ẹ kọ ìpinnu yín sílẹ̀ ní kedere: "Iye ìgbà bá a mu bí olùtumọ̀ bá dárúkọ iye náà, tàbí bí ó bá ka àwọn àkókò ọjọ́ tí àpapọ̀ wọn jẹ́ iye náà. Bí kò bá sí èyíkéyìí nínú méjèèjì, ìdáhùn ni BẸ́Ẹ̀ KỌ́." Apòògùn yín ni kí ẹ bi bóyá ó yẹ kí ẹ gba kíka àkókò, nítorí pé àwọn oògùn kan wà tí wákàtí mẹ́jọ mẹ́jọ ni kí wọ́n fi pín in gan-an. Ìdáhùn yòówù kí ó fún yín, ìdájọ́ á dúró. Àìsọ ọ́ rárá ni kì í jẹ́ kí ó dúró. Ẹ sọ̀rọ̀ lórí àmì ohùn pẹ̀lú, bóyá ẹ ó ka àìsí wọn sí àṣìṣe tàbí ẹ kò ní kà á sí.

Lábẹ́ ìbéèrè kọ̀ọ̀kan, ẹ má ṣe ní kí ẹ̀rọ náà ṣe àlàyé gígùn kí ó tó dáhùn, nítorí pé ibi tí àlàyé bá gbà ni ìdájọ́ ń tẹ̀lé. Ẹ ní kí ó da ọ̀rọ̀ tí ó rí nínú ìtumọ̀ kọ gẹ́lẹ́, kí ó sì wí pé BẸ́Ẹ̀NI tàbí BẸ́Ẹ̀ KỌ́. Àpapọ̀ kì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Kóòdù ni kí ó ṣe é, lẹ́yìn tí ó bá ti sọ BẸ́Ẹ̀NI di `True`, tí ó sì sọ BẸ́Ẹ̀ KỌ́ di `False`:

```
idajo = "GBA" if koro and igba and ounje else "DA_PADA"
```

Lẹ́yìn náà, ẹ mú ọgbọ̀n ìtumọ̀, kí ẹ sì yẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan wò nígbà mẹ́wàá. Èyí tí ó bá jáde ní méje sí mẹ́ta ni kí ẹ jókòó tì. Nínú ìrírí tèmi, ibi tí ìtọ́ni dákẹ́ ni ó sábà máa ń fà á, ẹ ó sì rí i bí ẹ bá fi ọ̀rọ̀ tí ó dà kọ nígbà méje wé ti mẹ́ta yòókù. Ẹ fi ìdájọ́ apòògùn wé ti ẹ̀rọ náà pẹ̀lú, torí pé ẹ̀rọ tí ó ń gba ohun gbogbo wọlé kì í yí ohùn padà láéláé.

Ó ku ohun kan tí ìtọ́ni kò lè ṣe. Bí ilé iṣẹ́ tí ó ni ẹ̀rọ náà bá pààrọ̀ rẹ̀, ìdájọ́ lè yí láìjẹ́ pé ẹ fọwọ́ kan ohunkóhun. Nítorí náà ẹ lo ẹ̀dà tí wọ́n fi ọjọ́ sí lórúkọ, bí wọ́n bá ní irú rẹ̀. Bí ó bá sì jẹ́ dandan pé kí ìdájọ́ kan náà jáde láìyẹ̀, ẹ tọ́jú èyí tí ó kọ́kọ́ jáde pẹ̀lú ìtumọ̀ náà, ìtọ́ni àti ẹ̀dà ẹ̀rọ tí ẹ lò, kí kóòdù yín máa fa ìdájọ́ náà yọ nígbàkígbà tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá tún pàdé, láìpadà bi ẹ̀rọ náà.