Ta ló ṣe ìkẹta?

Ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ gbà mí o. Ọmọ mi obìnrin, ọdún 9, ń múra ìdánwò gírámà sùkúù. Ìṣirò ò dà á láàmú, àmọ́ àwọn ìbéèrè "ta ló ga jù, ta ló kọ́kọ́ dé" yẹn, tí wọ́n á fọ́n ọ̀rọ̀ ẹ̀ ká, bó ṣe ń ka orúkọ ló ń tò wọ́n. Báwo lẹ ṣe kọ́ tiyín? Èmi Ìyá Dámi.

Ìyá Dámi, ẹ kú wàhálà ọmọ. Kẹ́ ẹ tó jókòó tì í lálẹ́ òní, ẹ gbọ́ ohun tí mo fojú tèmi rí, tàbí kí n sọ pé ohun tí mo fi ojú ọmọ rí.

Ọdún tá a lọ ṣe Kérésì ní Ògbómọ̀ṣọ́, ọmọkùnrin mi ṣẹ̀ṣẹ̀ pé 9, mo di ìwé ìdánwò mọ́ ẹrù wa, mo ní hólídè ò ní sọ ọ́ di olódo. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ní fàráńdà ìyá mi, wọ́n ti mú iná lọ, àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ń sáré kiri àgbàlá, èmi fi tèmi jókòó ti làǹtánù. Orúkọ òyìnbó ló wà nínú ìbéèrè yẹn, ẹ jẹ́ n fi tiwa rọ́pò ẹ̀. Bọ́lá, Kúnlé, Ṣadé, Àjọkẹ́ àti Dárà sáré ìje, kò sí méjì tó jọ dé pọ̀. Kúnlé dé ṣáájú Ṣadé, àmọ́ Bọ́lá ti dé kí Kúnlé tó dé. Ẹnì kan ṣoṣo ló dé lẹ́yìn Àjọkẹ́. Dárà dé lẹ́yìn Kúnlé. Ta ló ṣe ìkẹta?

Ọmọ kọ "a ò lè mọ̀." Inú bí mi! Lójú tèmi Ṣadé ni, ṣebí òun ni wọ́n kọ́kọ́ dárúkọ mọ́ Kúnlé. Mo ní ọ̀lẹ ni, mo jágbe mọ́ ọn níwájú gbogbo wọn, mo ní kó lọ kúnlẹ̀. Ìyá mi ní, "O ò tiẹ̀ bi í léèrè ohun tó rí?" Mi ò dá wọn lóhùn. Ìgbà tó sùn tán ni mo ṣí ẹ̀yìn ìwé. A ò lè mọ̀ ló wà níbẹ̀.

Mo wá jókòó, mo fa ìlà 5 sórí pépà. Ọ̀rọ̀ Àjọkẹ́ ló yẹ kéèyàn kọ́kọ́ mú, bó tiẹ̀ jẹ́ àárín ni wọ́n fi í sí, torí òun nìkan ni wọ́n fún ní ìjókòó: tó bá jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo ló wà lẹ́yìn ẹ̀, ìkẹrin ni. Ṣadé àti Dárà, ẹ̀yìn Kúnlé ni wọ́n wà, Kúnlé náà wà lẹ́yìn Bọ́lá, torí náà Bọ́lá ni ìkíní, Kúnlé ni ìkejì. Ó wá ku ìlà kẹta àti ìkarùn-ún fún Ṣadé àti Dárà. Mo fi Ṣadé sí ìkẹta, mo ka gbogbo gbólóhùn padà, kò sí èyí tó takò ó. Mo pààrọ̀ wọn, mo tún kà á, kò tún sí. Kò síbi tí wọ́n ti fi Ṣadé wé Dárà rárá. Ká ní wọ́n sọ pé Dárà dé lẹ́yìn Ṣadé ni, ọ̀rọ̀ ì bá ti parí.

Pípààrọ̀ yẹn ni mo fi ń kọ́ àbúrò ẹ̀ báyìí. Tí wọ́n bá sì ní Ṣadé kúrú ju Kúnlé lọ, kó tún un kọ pé Kúnlé ga ju Ṣadé lọ, kí gbogbo ẹ̀ lè kọjú síbì kan náà. Ti bí wọ́n ṣe máa yára sí i, ẹ bi ẹlòmíì, àwa náà ṣì ń bá a fà á.

Lọ́jọ́ kejì, bóyá wọ́n fẹ́ tù ú nínú ni, ìyá mi bi í pé Táyé ló kọ́kọ́ jáde, ta lẹ̀gbọ́n? Ó ní Táyé. Àwọn ọmọ yẹn rẹ́rìn-ín títí, ó wojú mi. Bí wọ́n ṣe jáde ló fi tò wọ́n, kò sì burú, ta ló sọ fún un rí pé Kẹ́hìndé ló rán Táyé níṣẹ́? Ẹ má bi mí ìdí tí mi ò fi sọ Yorùbá sí i nílé o, iṣẹ́ òru ni mò ń ṣe nígbà yẹn, tí mo bá dé ó ti lọ sílé ìwé.

Ó ti di ọmọ ọdún 12. Tíṣà ẹ̀ ní kì í kọ "a ò lè mọ̀" láé, orúkọ kan ṣáá ló máa mú. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo gbé ìbéèrè yẹn gan-an síwájú ẹ̀. Ó fa ìlà 5, ó fi Àjọkẹ́ sí ìkẹrin, ó pààrọ̀ Ṣadé àti Dárà lẹ́ẹ̀mejì, mo ń wò ó. Ó gbójú sókè wò mí, ó wá kọ Ṣadé.