Ohun tó ń mú kí máínọ̀ dún bí ìbànújẹ́

"Ẹ̀yin ọ̀gá mi, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ kíbọ́ọ̀dù ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Wọ́n ní nóòtì kan ṣoṣo ló ya C sọ́tọ̀ sí Cm. Kí ló wá dé tí ọ̀kan fi ń dún bí ayọ̀, tí èkejì ń dún bí ẹkún? Tí mo bá sì fi ọwọ́ òsì tẹ Cm, ńṣe ló ń dún wúruwùru bíi pé mo ṣì í tẹ̀. Ṣé etí mi ni àbí kíbọ́ọ̀dù?"

Àbúrò, etí ẹ dáa, kíbọ́ọ̀dù náà ò ṣe nǹkan kan. Ìsàlẹ̀ tí o ti ń tẹ̀ ẹ́ ló jìn jù, màá débẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń tẹ dùùrù ní ìsìn, níbi ìsìnkú àti níbi ìgbéyàwó, mi ò sì tíì rí ibi tí máínọ̀ nìkan ti pa èèyàn lẹ́kún. Ó máa ń ní olùrànlọ́wọ́.

Kọ́kọ́ fojú ara ẹ rí i. Gbé ìka lé C tó wà láàárín kíbọ́ọ̀dù, kí o máa ka gbogbo bọ́tìnì lọ sápá ọ̀tún, àti funfun àti dúdú, láìka C fúnra rẹ̀. Ẹ̀kẹrin ni E. Tí o bá dúró lórí ẹ̀kẹta, dúdú lo bá, òun ni E♭. C ò kúrò níbi tó wà, G náà ò kúrò. Nóòtì àárín nìkan ló sọ̀ kalẹ̀, ojú kíbọ́ọ̀dù á sì kọ Cm, ìyẹn C máínọ̀, dípò C, tó jẹ́ C méjọ̀. Àwa tí wọ́n fi sọ́fà kọ́ mọ̀ ọ́n báyìí: dò mí sọ̀ ni kọ́ọ̀dù méjọ̀, là dò mí ni ti máínọ̀. Tí odindi orin bá wà ní máínọ̀, là ló di ilé tí orin ń padà sí. Àwọn nóòtì míì náà máa ń sọ̀ kalẹ̀ nínú irú orin bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n nóòtì kẹta yẹn ni etí kọ́kọ́ ń mú.

Apá kan ìdí rẹ̀ wà nínú ohùn fúnra rẹ̀. Kò sí okùn dùùrù tàbí ọ̀nà ọ̀fun tó ń mú ohùn kan ṣoṣo jáde. Mú C tó wà nísàlẹ̀ C àárín. Ó ń gbọ̀n ní nǹkan bí ìgbà 131 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ṣùgbọ́n àwọn ohùn kéékèèké míì wà lórí rẹ̀, ní 262, 392, 523 àti 654. Méjì nínú wọn, C náà ni. 392 jẹ́ G. 654 yẹn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bá E mu pátápátá. Ìyẹn ni pé kí o tó fọwọ́ kan E rárá, C ti ń kùn ún lábẹ́lẹ̀. Tí o bá wá tẹ méjọ̀, E tí o tẹ̀ bá èyí tó ti wà nílẹ̀ pàdé, wọ́n sì gba ara wọn mọ́ra. Tí o bá tẹ máínọ̀, E♭ wọlé sẹ́gbẹ̀ẹ́ E tó ń kùn lábẹ́lẹ̀, wọ́n sún mọ́ ara wọn jù, wọ́n ń ha ara wọn díẹ̀. Etí ń gbọ́ ọ bíi pé nǹkan kan ṣókùnkùn níbẹ̀.

Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fi àlàyé mọ sí, èmi ò sì gbà pé ó tán síbẹ̀. Híha kì í ṣe ẹkún. Ṣaworo tó wà lára ìyáàlù ń ha látàárọ̀ ṣúlẹ̀, òun gan-an sì ni ara wa fi ń yá gágá lóde àríyá. Tó bá jẹ́ pé híha ló ń bani nínú jẹ́, kò yẹ ká máa fi dùndún ṣe ìyàwó.

Híha yẹn ló ń dà ẹ́ láàmú lọ́wọ́ òsì, ṣá. C àti E♭ tó wà láàárín kíbọ́ọ̀dù ń gbọ̀n ní 262 àti 311, àlàfo tó wà láàárín wọn tó kí etí yà wọ́n sọ́tọ̀. Sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ọ̀nà báàsì lọ́hùn-ún, wọ́n á di 65 àti 78. Àlàfo wọn ò ju nǹkan bí 12 lọ mọ́, etí ò sì lè yà wọ́n dáadáa, ló bá di pé wọ́n ń kùn bíi jẹnẹrétọ̀. Méjọ̀ náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ nísàlẹ̀ yẹn, ti máínọ̀ kàn le jù ni. Nítorí náà, jẹ́ kí ọwọ́ òsì mú C nìkan, tàbí C àti G. Gbé E♭ fún ọwọ́ ọ̀tún, kó wà lókè C àárín. Wàá rí i pé Cm tí o rò pé o ṣì tẹ̀ á mọ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Ó wá ku ìbànújẹ́ fúnra rẹ̀. Apá tó pọ̀ jù nínú ẹ̀, a kọ́ ọ ni. Ní 2001, Isabelle Peretz àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Kánádà tẹ ìwádìí kan jáde tí wọ́n ṣe pẹ̀lú àwọn ọmọdé. Wọ́n ń yí ìyára orin padà, wọ́n sì ń yí méjọ̀ sí máínọ̀, kí wọ́n lè mọ èyí tí ọmọ fi ń mọ orin ayọ̀ yàtọ̀ sí orin ìbànújẹ́. Àwọn ọmọ ọdún 5 ń wo ìyára nìkan. Bí orin bá ń sáré, ayọ̀ ni; bó bá ń fà, ìbànújẹ́ ni, máínọ̀ ò kàn wọ́n. Àwọn tó wà láàárín ọdún 6 sí 8 ló ti ń fi méjọ̀ àti máínọ̀ kún un bí àgbàlagbà. Ní 2022 ẹ̀wẹ̀, ìwádìí míì jáde láti àwọn abúlé kan ní Pápúà Niu Gíní. Lára àwọn tí orin òyìnbó kò fi bẹ́ẹ̀ dé etí wọn, wọn ò rí ẹ̀rí pé méjọ̀ ń dùn mọ́ wọn nínú ju máínọ̀ lọ.

Èyí kò yà mí lẹ́nu, nítorí ohun tí mò ń rí níbi ìsìnkú ni. Wo orin tí wọ́n máa ń kọ jù níbi ìsìnkú nínú ìwé orin mímọ́ wa. Méjọ̀ ló pọ̀ nínú wọn. Ohùn orin tí wọ́n ń pè ní Eventide, tí William Henry Monk kọ ní 1861, èyí tí a fi ń bẹ Olúwa pé kó bá wa gbé nítorí ilẹ̀ ti ṣú, méjọ̀ ni, síbẹ̀ mo ti rí àgbà ọkùnrin tó fi agbádá nu ojú nígbà tí mò ń tẹ̀ ẹ́. Orin ìrìn òkú tí Handel fi sínú Saul, orin ńlá rẹ̀ lórí Sọ́ọ̀lù ọba, ní 1739, tí wọ́n ń fi sin àwọn èèyàn ńlá nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, inú C méjọ̀ ló wà. Ṣùgbọ́n ó ń fẹsẹ̀ wọ́ ni, ìlù sì ń dún wúwo lábẹ́ rẹ̀. Orin ìrìn òkú ti Chopin wà ní máínọ̀, ẹsẹ̀ wíwọ́ kan náà ni. Mú méjèèjì, kí o fi ìyára orin ọpẹ́ Sunday sí i, kí onílù wọlé, kí o wá wò ó bóyá ẹnì kan á sunkún.

Bí mo bá fẹ́ kí orin kan ṣókùnkùn, ìyára ni mo kọ́kọ́ ń fọwọ́ kàn, lẹ́yìn náà ibi gíga tí a ti ń kọ ọ́, kí n tó ronú kan máínọ̀.

Jẹ́ kí n fi ọ̀kan hàn ẹ́ dáadáa, torí ó dájú pé wọ́n á ní kó o ṣe é lọ́jọ́ kan. Olórí akọrin wa kan ní kí n yí ègbè kan tí gbogbo ìjọ mọ̀ sí máínọ̀ fún Ọjọ́ Ẹtì Rere. Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é ni pé wọ́n á kàn sọ nóòtì mí kalẹ̀ nínú kọ́ọ̀dù. Ìjọ ò sì ní tẹ̀ lé wọn. Orin tó ti wà lẹ́nu wọn láti kékeré ni, mí àtijọ́ ni wọ́n máa kọ. Dùùrù á wà lórí E♭, ìyá ẹlẹ́gbẹ́ àwọn obìnrin á wà lórí E, ohùn méjèèjì á máa jà lórí nóòtì kan náà. O máa mọ̀ ọ́n nítorí pé ibi tí mí wà nìkan ló máa ń bàjẹ́. Tó bá ti dé dò tàbí sọ̀, á tún mọ́. Ìjọ ló sì máa ń borí, àwọn ló pọ̀.

Ọ̀nà tí mo gbà ni pé mi ò fọwọ́ kan ohùn orin wọn rárá. Ọ̀pọ̀ ègbè wa, dò re mí sọ̀ là nìkan ló wà nínú wọn, kò sí fà, kò sí tí. Nínú márùn-ún yẹn, dò mí sọ̀ wà níbẹ̀, là dò mí náà wà níbẹ̀. Ìyẹn ni pé orin kan náà lè gbélé dò, ó sì lè gbélé là, ohun tí o bá fi sábẹ́ rẹ̀ ló máa sọ. Wò ó:

```
sọ̀ sọ̀ là sọ̀ mí | re mí re dò
C                | G        C
Am               | Dm       Am
```

Ìlà kejì ni ti Sunday, ìlà kẹta ni ti Ọjọ́ Ẹtì. Gbọ́ nóòtì mí tó parí ìdá àkọ́kọ́. Lórí C, òun ni nóòtì kẹta, òun gan-an ló ń tan ìmọ́lẹ̀ sí kọ́ọ̀dù náà. Lórí Am, ó ti di ìkarùn-ún, kò sọ nǹkan kan mọ́, ó kàn dúró. Dò ìgbẹ̀yìn tún dára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lórí C, ó ti délé, ó jókòó. Lórí Am, òun ló wá di nóòtì kẹta, ìyẹn nóòtì máínọ̀ náà, orin sì parí bíi pé ọ̀rọ̀ kù lẹ́nu ẹni tó kọ ọ́. Ìjọ ń kọ ohun tí wọ́n mọ̀, kò sí ìjà kankan, etí wọn kàn gbọ́ pé nǹkan ti yí padà ni.

Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, tẹ Am lẹ́ẹ̀mejì, kó wà nílẹ̀ dáadáa, A lọ́wọ́ òsì, C àti E lọ́wọ́ ọ̀tún. Tí o bá kánjú, etí ìjọ á ti fi C sílé kí ìwọ tó dé. Sọ fún ẹni tó ń ta báàsì pẹ̀lú, torí tó bá ń ta C lábẹ́ Am tìẹ, méjọ̀ ló máa borí. Kí ẹ sì dín ìyára kù, bíi kí ìdajì ó lọ nínú rẹ̀, láìjẹ́ bẹ́ẹ̀ orin ijó míì lẹ kàn ṣe.

Ohun kan tó kù: bọ́tìnì Transpose tó wà lára kíbọ́ọ̀dù ẹ ò lè bá ẹ ṣe èyí. Gbogbo nóòtì ló ń gbé lọ sókè tàbí sísàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, bọ́tìnì mẹ́rin tí a kà láti C dé E á ṣì jẹ́ mẹ́rin níbikíbi tó bá gbé wọn dé.