Férémù ló ń ya nẹ́ẹ̀tì yẹn

"Ẹ jọ̀ọ́ o, nẹ́ẹ̀tì fèrèsé yàrá wa ní Sùúrùlérè ti ya nísàlẹ̀, férémù rẹ̀ náà sì ń mì. Síláìdì ni fèrèsé náà. Mo ti lẹ sẹ́lótéèpù mọ́ ọn lẹ́ẹ̀mejì, kì í pẹ́ tó fi ń ṣí. Ẹ̀fọn ò jẹ́ kí àwọn ìbejì mi sùn. Ṣé kí n ra òmíì ni, àbí ó ṣe é tún ṣe?"

Ìyá Ìbejì, ẹ má tíì ra nǹkan kan. Ohun tó ń ṣe yín yìí ṣe èmi náà ní Ṣómólú fún odindi àsìkò òjò kan. Gọ́tà wà lẹ́yìn ilé wa, omi inú rẹ̀ kì í ṣàn, kó tó di aago méje alẹ́ àwọn ẹ̀fọn ti bẹ̀rẹ̀ orin. Mo lẹ téèpù, ó ṣí. Mo fi súpà gúlù lẹ̀ ẹ́, ó dúró fún bí ọ̀sẹ̀ kan, ni nẹ́ẹ̀tì bá kán létí ibi tí gúlù dé, bí ẹni ṣẹ́ bísíkíìtì. Mo gbé abẹ́rẹ́, mo rán an, ó tún ya lókè ibi tí mo rán. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo tún nẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ṣe kí n tó mọ̀ pé ẹ̀tẹ̀ ni mo fi sílẹ̀ tí mò ń pa làpálàpá.

Ẹ wo bó ṣe máa ń rí. Férémù nẹ́ẹ̀tì síláìdì ní táyà kéékèèké méjì nísàlẹ̀, orí ojú irin ló ń yí lé. Iyanrìn àti eruku Èkó á kún ojú irin náà, táyà ò ní yí mọ́, férémù á wá di ohun tí à ń fipá wọ́. Ibi tí ọwọ́ sì máa ń di mú láti wọ́ ọ ni igi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, nítorí náà igun ìsàlẹ̀ ló máa ń jìyà. Síkúrù tó di igun yẹn mú á tú díẹ̀díẹ̀, igun á yà, rọ́bà tó tẹ nẹ́ẹ̀tì mọ́lẹ̀ á yọ jáde nínú ihò tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà, nẹ́ẹ̀tì á wá máa fi etí gbo irin. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ ìsàlẹ̀ ló ya sí. Bí ẹ bá lẹ ẹ́ lónìí tí igun ṣì ń mì, ẹ ó tún lẹ ẹ́ lóṣù tó ń bọ̀.

Ẹ kọ́kọ́ yọ ọ́ kúrò lójú fèrèsé. Ẹ di ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì mú, ẹ gbé e sókè wọnú ojú irin òkè títí ìsàlẹ̀ á fi dá, kí ẹ wá fa ìsàlẹ̀ náà wá sọ́dọ̀ ara yín. Bí ẹ bá wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ẹ má ṣe é lẹ́yin nìkan, ẹ pe ẹnì kan kó bá yín dì í mú, torí tèmi fẹ́ jábọ́ lu ẹni tó ń sá aṣọ nísàlẹ̀.

Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ pẹrẹsẹ, ẹ fi ìka họ nẹ́ẹ̀tì náà. Bí okùn rẹ̀ bá ń rún, tó ń kù bí ìyẹ̀fun, oòrùn ti jẹ ẹ́ nìyẹn, ẹ má fi ọwọ́ yín ṣòfò lórí rẹ̀. Ẹ yọ gbogbo rẹ̀, kí ẹ ra nẹ́ẹ̀tì tuntun fún férémù kan náà. Bó bá ṣì le, ẹ jẹ́ ká lọ sórí férémù.

Téèpù tí káfíńtà fi ń wọn nǹkan ni ẹ máa lò. Ẹ wọ̀n ọ́n láti igun kan dé igun tó dojú kọ ọ́, kí ẹ tún wọn ìkejì. Tèmi fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 60, ó ga ní 115, ó yẹ kí ìwọ̀n méjèèjì jẹ́ bíi 129.7. Ohun tí mo bá ni 130.7 lápá kan, 128.7 lápá kejì. Sẹ̀ǹtímítà méjì ni wọ́n fi jura lọ, ìyẹn ni pé férémù náà ti wọ́, kò dúró gúnrégé mọ́. Irú férémù bẹ́ẹ̀ ò lè bo fèrèsé dáadáa, à báà fi góòlù ṣe nẹ́ẹ̀tì rẹ̀.

Ẹ yọ rọ́bà ìsàlẹ̀ àti ti ẹ̀gbẹ́ tó sún mọ́ igun tó ń mì, kí nẹ́ẹ̀tì má baà máa fa férémù lẹ́yìn. Bí síkúrù bá ti dípẹtà, ẹ kán kẹrosíìnì díẹ̀ sí i, ẹ fi sílẹ̀ fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí ẹ tó tú u. Nígbà tí mo tú tèmi, orí rẹ̀ nìkan ló bọ́ sí mi lọ́wọ́, páláyà ni mo fi fa ìyókù jáde. Ihò rẹ̀ ti fẹ̀, síkúrù tó ga bákan náà ṣùgbọ́n tó sanra díẹ̀ sí i ni mo fi dí i. Ẹ má ra èyí tó gùn jù, ẹnu rẹ̀ á yọ síta, òun náà á tún dá nẹ́ẹ̀tì lu. Àwọn ará Làfíàjì àti gbogbo ẹ̀gbẹ́ ọ̀sà, ẹ béèrè fún síkúrù tí kì í dípẹtà, torí atẹ́gùn iyọ̀ kì í jẹ́ kí síkúrù irin lásán pẹ́ lára alumíníọ̀mù. Bó bá sì jẹ́ pé ike inú igun ló ṣẹ́, ẹ mú èyí tó ṣẹ́ náà dání lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ohun ìkọ́lé. Odunádé ní Orílé ni mo ti rí tèmi rà.

Kí ẹ tó mú síkúrù le pátápátá, ẹ ti férémù náà lápá tó gùn jù títí ìwọ̀n méjèèjì á fi dọ́gba, ìgbà yẹn ni kí ẹ wá dè é pa. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó ti gbó yọ iyanrìn kúrò lójú irin fèrèsé, kí ẹ sì fi àbẹ́là gbo ó. Ẹ má da òróró sí i o. Ìyàwó mi da òróró ẹ̀pà sí i rí, òróró náà kó eruku jọ, ó di ẹrẹ̀.

Ó wá ku nẹ́ẹ̀tì. Ihò tó wà láàárín rọrùn: ẹ gé nẹ́ẹ̀tì tó fi sẹ̀ǹtímítà méjì tàbí mẹ́ta ju ihò náà lọ yí ká, kí ẹ rán an mọ́ ọn. Tiyín le díẹ̀ torí ìsàlẹ̀ ló ya sí, kò sí etí tí abẹ́rẹ́ lè dì mú. Ohun tí mo ṣe sí tèmi ni pé mo gé ìyaya náà kúrò tààrà láti ẹ̀gbẹ́ kan dé ìkejì, mo wá gé ọ̀já nẹ́ẹ̀tì tuntun tó gùn tó fífẹ̀ férémù, tó tún lé ní sẹ̀ǹtímítà márùn-ún lápá kọ̀ọ̀kan. Lókè, ọ̀já náà gun orí nẹ́ẹ̀tì àtijọ́ ní sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta. Nísàlẹ̀, ó kọjá ihò rọ́bà ní mẹ́rin, kí rọ́bà lè rí nǹkan tẹ̀. Ẹ rí i pé ìlà ojú nẹ́ẹ̀tì tuntun àti ti àtijọ́ bára mu, bí ẹni to aṣọ onílà, torí bó bá wọ́, á máa fà lápá kan, á sì dẹ̀ lápá kejì.

Òwú ọ̀rá tí wọ́n fi ń pẹja, èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́, ni kí ẹ fi rán an. Òwú aṣọ máa ń jẹrà nínú òjò. Ìlà méjì ni mo rán, sẹ̀ǹtímítà kan sì wà láàárín wọn. Lẹ́yìn náà mo fi gọ́ọ̀mù àwọn aránbàtà ra etí ọ̀já náà fẹ́ẹ́rẹ́ kó má baà máa tú. Ìta ni kí ẹ ti ṣe ìyẹn, òórùn rẹ̀ ò dáa fún ọmọdé. Ẹ má sì dán ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe wò láé: mo gbà pé iná àbẹ́là á dí etí nẹ́ẹ̀tì bó ṣe ń dí etí okùn ọ̀rá. Kí n tó ṣẹ́jú, ihò tí ìka mẹ́ta ń wọ̀ ti tó ọsàn.

Rọ́bà tó ti le ti sún kì, kò ní dúró mọ́. Ẹ gé díẹ̀ nínú rẹ̀ lọ ra òmíì tó sanra bákan náà. Bó bá tẹ́ẹ́rẹ́ jù, á máa yọ. Bó bá tóbi jù, á gé nẹ́ẹ̀tì nígbà tí ẹ bá ń tẹ̀ ẹ́. Ìdí ṣíbí ni mo fi tẹ tèmi wọlé, láti igun lọ. Ẹ má lo sikurudiráfà, ẹnu rẹ̀ mú. Ẹ fi ọwọ́ tẹ́ nẹ́ẹ̀tì náà kó rọra gún, ẹ má fà á bí awọ ìlù. Èmi fà á nígbà àkọ́kọ́, nígbà tí mo wọn àárín férémù, 60 ti di 59.2. Igi ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ti tẹ̀ wọnú, àlàfo sì ṣí sílẹ̀ létí fèrèsé. Mo tú u, mo to búlọ́ọ̀kù sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì láti inú kó má baà tẹ̀, mo wá tẹ rọ́bà náà padà. Ẹ fi abẹ gé èyí tó kù síta, kí ojú abẹ kọjú sí òde.

Lálẹ́, lẹ́yìn tí ẹ bá ti dá a padà, ẹ pa iná yàrá, kí ẹnì kan tan tọ́ọ̀ṣì létí férémù láti inú, kí ẹ̀yin dúró síta. Ibi tí iná bá ti yọ ní ìlà tẹ́ẹ́rẹ́, ibẹ̀ ni irun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ férémù ti jẹ tán. Wọ́n ń ta irun náà níbi tí wọ́n ti ń ta rọ́bà.

Nǹkan kan ṣì kù, tí lánlọ́ọ̀dù kankan kì í sọ fúnni. Bí ẹ bá ṣí gíláàsì síláìdì dé ìdajì, ẹ̀fọn á gba àárín gíláàsì àti férémù nẹ́ẹ̀tì wọlé, kò kan nẹ́ẹ̀tì tuntun tàbí ògbólógbòó. Ẹ ṣí i dópin tàbí kí ẹ tì í pa. Tèmi ti lo àsìkò òjò méjì báyìí. Àbúrò mi ní ọ̀já náà jọ sòkòtò tí wọ́n lẹ̀ lórúnkún, ṣùgbọ́n bó bá wá sùn sílé wa, iwájú fèrèsé yẹn gan-an ló máa ń tẹ́ ẹní sí.