Bí a ṣe ń fi IMC rí PID

Ìbéèrè: Mo ti wọn K, τ àti θ ààrò búrẹ́dì oníná wa ní Kétu, báwo ni mo ṣe máa fi IMC rí PID?

Ìdáhùn: Kc = (τ + θ/2) / (K(λ + θ/2)), Ti = τ + θ/2, Td = τθ/(2τ + θ), λ, ìyẹn iye tó ń sọ bí o ṣe fẹ́ kí ààrò tètè dáhùn tó, nìkan ló kù tí wàá fúnra ẹ mú.

Nínú IMC, mọ́dẹ̀lì máa ń ṣiṣẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò gangan, ìyàtọ̀ àwọn méjèèjì la sì ń dá padà fún Q, ìyẹn apá tó ń pinnu iye iná tí ààrò máa gbà. Q yẹn ni ìdàkejì mọ́dẹ̀lì, àmọ́ kò sẹ́ni tó lè yí ìdádúró θ padà sẹ́yìn, àfi tó bá mọ ohun tí ò tíì ṣẹlẹ̀, torí ẹ̀ la ṣe ń fi (1 − θs/2)/(1 + θs/2) ti Padé rọ́pò ẹ̀, a fi apá òkè ẹ̀ sílẹ̀ láì yí i, ká wá fi fílítà 1/(λs + 1) kún un. Tó o bá fi Q sínú C = Q/(1 − QG), níbi tí C ti jẹ́ kọntróólà tí G sì jẹ́ mọ́dẹ̀lì, àwọn 1 tó wà nísàlẹ̀ á pa ara wọn rẹ́, s á wá dá dúró níbẹ̀, òun ló ń di I inú PID.

Ká ní K = 2 (°C fún 1 % iná), τ = 60, θ = 10 ní ìṣẹ́jú àáyá, o sì mú λ = 20: Kc = 65/50 = 1.3, Ti = 65, Td = 600/130 ≈ 4.6. Tó bá jẹ́ Ki àti Kd ni kọntróólà ẹ ń béèrè, Ki = Kc/Ti = 0.02, Kd = Kc·Td = 6.

Má jẹ́ kí λ kéré ju 0.8θ lọ. Tí ooru bá ń lọ sókè sódò tí ò dúró, ó ṣeé ṣe kí θ gangan ju èyí tó o wọ̀n lọ, gbé λ sókè.