Omi ẹ̀rọ ló ba àjẹsára mi jẹ́

“Ẹ̀yin àgbà, òròmọdìẹ bùrọ́ílà 50 ni mo kó wọlé ní Kúbwà, wọ́n pé ọjọ́ 5 lónìí. Ìgbà wo ni kí n máa bọ́ wọn lójúmọ́, ọjọ́ wo sì ni àjẹsára?”

Ti oúnjẹ ò le. Ní ìdájí, ẹ fọ abọ́ omi, ẹ bu sítátà fún wọn. Bí wọ́n bá pé ọ̀sẹ̀ 4, ẹ bọ́ sórí fínísà. Láti ìgbà yẹn, tí ooru Abújá bá mú, ẹ gbé oúnjẹ kúrò láti aago 11 àárọ̀ sí aago 3 ọ̀sán. Ẹ má gbé omi o! Adìẹ tó yó bámúbámú ni ooru máa ń tètè pa.

Ìdí àjẹsára ni mo ti jìyà. Bí mo ṣe ń ṣe é nìyí: àjẹsára àrùn Gọ̀mbóòrò ní ọjọ́ 7, Lásótà tó ń dènà àrùn Níúkásù ní ọjọ́ 14, Gọ̀mbóòrò kejì ní ọjọ́ 21, Lásótà kejì ní ọjọ́ 28. À ń tún un ṣe torí pé ààbò tí òròmọdìẹ bá wá láti ara ìyá rẹ̀ lè pa ti àkọ́kọ́. Ẹ bi ẹni tó tà á fún yín léèrè èyí tí wọ́n ti fún wọn lọ́jọ́ tí wọ́n jáde láti inú ẹyin.

Lọ́dún tí mo bẹ̀rẹ̀, 100 ni mo kó. Mi ò yẹ ọjọ́ kankan. Àmọ́ inú láílọ́ọ̀nù lásán ni mo gbé Lásótà sí láti ọjà, sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ dá mi dúró nínú oòrùn, mo wá dà á sínú omi ẹ̀rọ lọ́sàn-án gangan. Nígbà tí ọyẹ́ dé, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ya ìgbẹ́ aláwọ̀ ewé, ọrùn wọn ń lọ́. Mẹ́tàdínlógójì ló kù. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí dókítà ẹran bi mí ni pé, “Irú omi wo lẹ lò?” Kòkòrò alààyè tí wọ́n ti sọ di aláìlágbára ló wà nínú àjẹsára náà, ooru ń pa á, oògùn tí wọ́n ń dà sí omi ẹ̀rọ náà ń pa á.

Nísinsìnyí, inú kúlà oníyìnyín ni mo fi ń gbé e. Omi kànga ni mo ń lò, nínú abọ́ tí mi ò fi ọṣẹ fọ̀. Lọ́jọ́ àjẹsára, láago 6 àárọ̀, mo máa ń gbé omi kúrò níwájú wọn fún wákàtí kan. Fún 50 tó pé ọjọ́ 14, lítà omi kan tó. Mo máa ń po ṣíbí tíì kan mílíìkì oníyẹ̀fun tí kò lọ́ràá mọ́ ọn, kí n tó da àjẹsára sí i. Ẹ pín in sí abọ́ púpọ̀ kí àwọn tó lágbára má dá a mu. Ó gbọ́dọ̀ tán láàárín wákàtí 2. Èyí tó bá ṣẹ́kù, ẹ dà á nù.

Tí wọ́n bá ń sín díẹ̀ lẹ́yìn Lásótà, ẹ má fòyà. Àmọ́ tó bá kọjá ọjọ́ 5 tí wọ́n ṣì ń sín, ẹ pe dókítà ẹran.